Níbo Ni Kóòdù Pọ́tàlì Owó Orí Máa Ń Há Sí?

Gbólóhùn kan wà tó máa ń hàn lójú pọ́tàlì owó orí, tó sì ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró: “A ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí yín.” Ẹ ti tẹ nọ́ńbà owó orí yín, ẹ ti tẹ ọjọ́ ìbí, ẹ ti yan ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ wá gbé fóònù sílẹ̀ níwájú, ẹ ń wò ó. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, kò sí nǹkan kan. Ẹ tún bọ́tìnnì `Resend` tẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Ẹ tún un tẹ̀ títí pọ́tàlì fi ní ẹ ti gbìyànjú jù, kí ẹ padà wá lọ́la.

Kóòdù tí kò dé kì í kàn pòórá. Ó ṣeé ṣe kí pọ́tàlì má fi ránṣẹ́ rárá. Ó ṣeé ṣe kó ti fi ránṣẹ́, àmọ́ kó jẹ́ ẹlòmíràn ló fi ránṣẹ́ sí. Ó sì ṣeé ṣe kó ti kúrò lọ́wọ́ pọ́tàlì kó wá há sọ́nà. Ohun tí èèyàn máa ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ pátápátá, ìdí nìyẹn tí títẹ `Resend` léraléra kì í fi í yanjú ohunkóhun. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọ̀nà tí kóòdù ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, ká wo ibi tó ti lè há.

Fóònù ta ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí?

Nígbà tí èèyàn bá ń forúkọ sílẹ̀ lórí pọ́tàlì owó orí, nǹkan méjì ni ẹ̀rọ ń wádìí, a sì sábà máa ń rò pé ọ̀kan ni. Ó kọ́kọ́ ń wò ó bóyá ẹni tí ẹ pe ara yín wà nínú ìwé wọn. Ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń béèrè nọ́ńbà owó orí, orúkọ, ọjọ́ ìbí, nígbà míì iye owó kan tó wà lórí ìwé owó orí tọdún tó kọjá. Lẹ́yìn náà ló ń wò ó bóyá ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà báyìí ni ẹni náà lóòótọ́. Nọ́ńbà owó orí kì í ṣe àṣírí tó bẹ́ẹ̀. Ó wà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, ó wà lórí ìwé àdéhùn, ó wà lórí ìwé ìsanwó tí ẹ fún àwọn oníbàárà. Ọjọ́ ìbí yín ńkọ́? Gbogbo ẹni tó ń kí yín lọ́dọọdún ló mọ̀ ọ́n. Torí náà ni wọ́n ṣe ń fi kóòdù ránṣẹ́: wọ́n gbà pé ẹni tó bá lè ka kóòdù náà ni fóònù tàbí ímeèlì náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Lórí àwọn pọ́tàlì kan, nọ́ńbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ni kóòdù máa lọ. Lórí àwọn míì, nọ́ńbà tó ti wà nínú ìwé wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún yín ní nọ́ńbà owó orí ni wọ́n ń fi kóòdù ránṣẹ́ sí, ohun yòówù tí ẹ̀ báà tẹ̀ lónìí. Ó máa ń bí èèyàn nínú, àmọ́ ọgbọ́n wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ nọ́ńbà owó orí yín fi fóònù tirẹ̀ gba kóòdù, kóòdù ọ̀hún ò ní wúlò mọ́.

Ká fi obìnrin oníṣòwò kan ṣe àpẹẹrẹ, tó gba nọ́ńbà owó orí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Kò lọ gbà á fúnra rẹ̀. Ẹnì kan tó ń bá àwọn èèyàn ṣe ìwé ló bá a ṣe é, ẹni yẹn sì tẹ nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ síbi tí wọ́n ti béèrè, kí iṣẹ́ lè tètè parí. Kò ní èrò burúkú lọ́kàn. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Lónìí, wọ́n ní kí obìnrin náà ṣí àkáǹtì lórí pọ́tàlì kó lè fi àkọsílẹ̀ owó orí rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó tẹ gbogbo nǹkan pé, pọ́tàlì sì fèsì pé kóòdù ti lọ sí `*******74`. Fóònù rẹ̀ ló ń wò. Kò wo àwọn òǹkà méjì yẹn. Nọ́ńbà tirẹ̀ parí sí 19.

Nínú gbogbo ohun tó ń hàn lójú pọ́tàlì, àwọn òǹkà tí wọ́n ṣẹ́ kù lẹ́yìn àmì ìràwọ̀ yẹn ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù láti kà. Bí wọn ò bá bá nọ́ńbà yín mu, ẹ má tún dúró de kóòdù mọ́. Ó ti dé, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló kàn dé sí. Bákan náà ni tí ímeèlì: `a****@` kò lè jẹ́ ti ẹni tí ímeèlì tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `f`.

Kì í ṣe àwọn tó ń báni ṣe ìwé nìkan ló ń fa èyí. Síímù tí ẹ ti pa tì náà ń fà á. Bí nọ́ńbà kan bá ti wà láìlò fún ìgbà díẹ̀, iléeṣẹ́ fóònù lè gbé e fún oníbàárà tuntun, àwọn ìwé ìjọba kò sì ní mọ̀ pé ó ti kúrò lọ́wọ́ yín. Kóòdù owó orí yín á wá máa dún lórí fóònù ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí, tí òun náà á máa ṣe kàyéfì pé kí lèyí.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó tọ́ láti yanjú èyí ni kí wọ́n yí nọ́ńbà inú ìwé náà padà, pọ́tàlì kì í sì í jẹ́ kí ẹ ṣe é láti ìta, torí pé kóòdù tí ẹ ò rí gbà ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ yín. Ẹ máa nílò láti lọ sí ọ́fíìsì wọn tàbí kí ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ìkánjú mú yín pe ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀ pé kó ka kóòdù fún yín, kí ẹ wá fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Bó bá tiẹ̀ kà á lónìí, òun náà ni yóò máa gba kóòdù nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ yí ọ̀rọ̀ aṣínà yín padà. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ wọlé, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

“A ti fi ránṣẹ́” tí kò rí bẹ́ẹ̀

Ẹ tún gbólóhùn ojú pọ́tàlì náà kà dáadáa. Àwọn kan kì í sọ pé a ti fi kóòdù ránṣẹ́ ní ṣàkó. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí ímeèlì yìí bá wà nínú ìwé wa, ẹ ó rí kóòdù gbà. “Bí” yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́. Ká sọ pé pọ́tàlì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé “ímeèlì yìí wà” tàbí “ímeèlì yìí ò sí”, àwọn oníjìbìtì á kó ímeèlì ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wá, wọ́n á tẹ̀ wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì mọ ẹni tó ní àkáǹtì níbẹ̀. Láti dènà ìyẹn, èsì kan náà ni wọ́n ń fún gbogbo èèyàn, ẹni tó wà àti ẹni tí kò sí.

Ìyà rẹ̀ wá bọ́ sórí ẹni tó ṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ímeèlì tí kò bá tinú ìwé wọn mu, ojú pọ́tàlì á rí bákan náà bí ìgbà tí ohun gbogbo lọ dáadáa, àmọ́ kóòdù kankan ò kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, bí gbólóhùn náà bá ní “bí” nínú, ẹ kọ́kọ́ fura sí ohun tí ẹ tẹ̀. Ẹ wá ìwé tàbí ímeèlì àtijọ́ tí àjọ owó orí fi ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ wo àdírẹ́sì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gan-an. Àdírẹ́sì yẹn ni kí ẹ tẹ̀, bí ẹ̀yin fúnra yín ò bá tiẹ̀ lò ó mọ́.

Ọ̀nà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ń gbà

Ká wá sọ pé nọ́ńbà inú ìwé wọn tọ̀nà, tiyín ni. Pọ́tàlì kò ní ẹ̀rọ tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó ń bá àwọn báńkì àti ìjọba fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lópòpó ló máa ń gbé e fún. Iléeṣẹ́ yẹn á gbé e fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù yín, nígbà míì á kọ́kọ́ gba ọwọ́ iléeṣẹ́ míì kọjá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ló máa wá gbé e dé orí fóònù. Ohun tí pọ́tàlì ní lọ́kàn nígbà tó bá sọ pé “a ti fi ránṣẹ́” ni pé ẹni àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà yẹn ti gbà á lọ́wọ́ òun. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, àfi bó bá dúró gbọ́ èsì.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń bà á jẹ́ ni bí wọ́n ṣe kọ nọ́ńbà. Lójú ẹ̀rọ, nọ́ńbà tó pé ni àmì `+`, òǹkà orílẹ̀-èdè, kí nọ́ńbà fúnra rẹ̀ wá tẹ̀ lé e láìsí òdo iwájú. Gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju òǹkà 15 lọ. Bí fọ́ọ̀mù bá ti kọ òǹkà orílẹ̀-èdè sílẹ̀ fún yín, tí ẹ tún wá fi òdo bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà yín, àwọn pọ́tàlì kan á mọ̀, wọ́n á yọ òdo náà. Àwọn míì á gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí kò sí láyé. Bí fọ́ọ̀mù bá ti ní òǹkà orílẹ̀-èdè níwájú, ẹ yọ òdo náà.

Èkejì ni ètò tó ń dí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, èèyàn lè sọ fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ pé òun ò fẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ oníṣòwò mọ́, ètò tí wọ́n ń pè ní `DND`. Ó yẹ kí kóòdù máa kọjá lára rẹ̀, torí kì í ṣe ìpolówó, àmọ́ bí iléeṣẹ́ tó ń fi í ránṣẹ́ bá gbé e gba ojú ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpolówó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dí i mọ́ ẹni náà. Ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ fún `DND` nígbà kan lè ti gbàgbé pátápátá.

Lórí fóònù fúnra rẹ̀ náà, nǹkan wà. Ápù àtẹ̀jíṣẹ́ òde òní ń ṣe àṣàyàn fúnra rẹ̀: ti Google máa ń kó èyí tó bá fura sí sínú `Spam & blocked`, fóònù Apple sì lè ya àwọn tí kò mọ nọ́ńbà wọn sọ́tọ̀ síbi `Unknown Senders`, wọn ò sì ní dún. Ẹ wo ibẹ̀ kí ẹ tó bínú sí àjọ owó orí. Bí fóònù bá wà ní pípa nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á tọ́jú rẹ̀, á máa gbìyànjú. Àmọ́ ẹni tó fi í ránṣẹ́ ló ń sọ iye àkókò tí wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀, tí kóòdù sì sábà máa ń kúrú.

Àwọn tó ń gbé òkè òkun tí wọ́n sì ń san owó orí nílé ló máa ń jìyà jù níbí. Ọ̀pọ̀ pọ́tàlì ìjọba ló jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú orílẹ̀-èdè tiwọn nìkan ni àdéhùn wọn dé. Fọ́ọ̀mù lè gba nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè wọlé láìjanpata, kí kóòdù má sì lè dé ibẹ̀ láé. Nọ́ńbà tó jẹ́ pé orí intánẹ́ẹ̀tì ló wà, tí kò sí síímù nídìí rẹ̀, náà wà lára èyí tí wọ́n máa ń kọ̀. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, bí pọ́tàlì bá fún yín láǹfààní láti yan ímeèlì, ẹ yan ímeèlì.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ ibi tí tirẹ̀ há sí? Ẹ ní kí ẹnì kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́ sí nọ́ńbà náà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí báńkì yín tàbí ápù míì fi kóòdù ránṣẹ́ síbẹ̀. Bí méjèèjì ò bá dé, fóònù tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ló ní ìṣòro. Bó bá jẹ́ pé ti èèyàn dé, tí ti ẹ̀rọ ò dé, nǹkan kan ń dí àtẹ̀jíṣẹ́ iléeṣẹ́ mọ́ yín, ẹ lọ bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín. Bí méjèèjì bá dé wẹ́rẹ́, tó jẹ́ ti owó orí nìkan ni kò dé, ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ló wà, tàbí kó jẹ́ pé nọ́ńbà inú ìwé wọn ni kò tọ̀nà.

Ímeèlì tó dé lẹ́yìn tí ẹran ti jinná

Obìnrin oníṣòwò wa ti lọ sí ọ́fíìsì, wọ́n ti yí nọ́ńbà padà, wọ́n sì ti fi ímeèlì iléeṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ó padà sórí pọ́tàlì, ó yan ímeèlì. Kò dé. Ó tẹ `Resend` lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, kò dé. Ó tún un tẹ̀, kò dé. Ó bá pa kọ̀ǹpútà. Nígbà tó ṣí ímeèlì rẹ̀ ní nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó ṣì wúlò nínú wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Sáfà ímeèlì àwọn iléeṣẹ́ kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá wọn gba ímeèlì wọlé, ní àṣà kan láti fi lé àwọn oníjìbìtì. Bí àlejò tí wọn ò rí rí bá kàn ilẹ̀kùn, wọ́n á ní kó ṣì padà lọ ná, kó wá lẹ́yìn díẹ̀. Àwọn tó ń fi ímeèlì ìjìbìtì ránṣẹ́ ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù kì í lè ní sùúrù láti padà wá, àmọ́ sáfà gidi máa ń padà. Èsì tí sáfà fi ń sọ bẹ́ẹ̀ máa ń rí báyìí:

```
451 4.7.1 Greylisted, please try again later
```

Òǹkà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 túmọ̀ sí pé “kì í ṣe ìsinsìnyí”. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5, bíi `550`, ni “má padà wá mọ́”. Ìgbà wo wá ni sáfà àjọ owó orí máa padà? Òfin tí àwọn sáfà ímeèlì ń tẹ̀ lé, `RFC 5321` ti ọdún 2008, dámọ̀ràn pé ó kéré tán kó dúró fún 30 ìṣẹ́jú. Kóòdù ńkọ́? Àjọ `NIST` ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ ọdún 2017 pé irú kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí fóònù èèyàn báyìí kò gbọ́dọ̀ wúlò ju 10 ìṣẹ́jú lọ, ọ̀pọ̀ pọ́tàlì náà kì í sì í jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ì báà jẹ́ fóònù tàbí ímeèlì. Ẹ rí i pé kò sí ẹni tó ṣàìdáa nínú wọn: sáfà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, òfin ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó fẹ́ san owó orí ló wà láàárín.

Ẹ lè rí i pẹ̀lú ojú yín. Ṣí ímeèlì tó pẹ́ dé náà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń fi àkọlé rẹ̀ kíkún hàn. Lórí Gmail, `Show original` ni. Ẹ ó rí àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Received`. Ìsàlẹ̀ lẹ ti máa kà wọ́n lọ sókè, torí sáfà kọ̀ọ̀kan ń lẹ tirẹ̀ mọ́ orí. Ti obìnrin yìí rí báyìí:

```
Received: from mail.tax.example by mx.shop.example;
    Tue, 4 Mar 2025 10:47:09 +0000
Received: from app.tax.example by mail.tax.example;
    Tue, 4 Mar 2025 10:02:31 +0000
```

Ìlà ìsàlẹ̀ sọ pé pọ́tàlì gbé kóòdù fún sáfà ímeèlì tiwọn ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ìlà òkè sọ pé sáfà iléeṣẹ́ obìnrin náà kò gbà á wọlé títí di aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Nǹkan bí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ló fi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ gan-an ni àlàfo náà wà, láàárín àwọn sáfà àjọ owó orí fúnra wọn, ọ̀dọ̀ tiwọn ni ìdádúró ti wáyé. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí gbèdéke bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí gbogbo ìlú dà lé pọ́tàlì lórí. Ẹ kíyè sí òǹkà tó gbẹ̀yìn, `+0000` yẹn. Bí ti ìlà méjèèjì ò bá dọ́gba, ẹ kọ́kọ́ sọ wọ́n di aago kan náà kí ẹ tó ṣírò.

Ohun tó dùn nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé sáfà tó ní kí àlejò padà wá máa ń rántí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ímeèlì àkọ́kọ́ bá ti wọlé, èyí tó bá tún wá láti ibi kan náà sí ẹni kan náà sábà máa ń wọlé láìdúró. Nítorí náà, bí kóòdù ti àná bá dé pẹ́, ẹ má ṣe rò pé ti òní náà máa pẹ́. Ẹ béèrè fún tuntun, ó ṣeé ṣe kó dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé àjọ owó orí ń lo sáfà púpọ̀, tó fi jẹ́ pé ojú tuntun ló ń wá nígbà gbogbo. Ẹni tó ń mójú tó ímeèlì iléeṣẹ́ yín lè fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa jẹ́ kí àwọn wọ̀nyẹn wọlé. Kó sì wo ibi tí wọ́n ń pè ní `Quarantine` bákan náà, torí ohun tó bá wà níbẹ̀ kì í hàn nínú `Spam` tí ẹ̀yin ń wò.

Kóòdù tó dé, tí pọ́tàlì kọ̀

Títẹ `Resend` ní ewu kan tí pọ́tàlì kì í sọ fún yín. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kóòdù tuntun máa ń pa èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ká ní ẹ béèrè ní aago mẹ́sàn-án, ẹ tún béèrè ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà. Ní ìṣẹ́jú kẹta, kóòdù kan dé. Inú yín dùn, ẹ tẹ̀ ẹ́, pọ́tàlì ní kò tọ̀nà. Ti àkọ́kọ́ ló dé, èyí tí ẹ ti fọwọ́ ara yín pa. Ẹ bá tún tẹ `Resend`, èkejì wá dé, òun náà ti kú. Gbogbo èyí tí ẹ tẹ̀ tí kò tọ̀nà ni pọ́tàlì ń kà mọ́ yín lọ́rùn, títí tó fi máa tì yín síta. Bí ẹ bá ti béèrè ní ẹ̀ẹ̀kan tí kò dé, ẹ fi sílẹ̀ kí àkókò tirẹ̀ kọjá tán pátápátá kí ẹ tó béèrè òmíràn, bí púpọ̀ bá sì dé lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ẹ béèrè gbẹ̀yìn ni kí ẹ tẹ̀.

Àwọn tó ń fi fóònù kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀ ní wàhálà tiwọn. Wọ́n ṣí pọ́tàlì lórí bùráwúsà, wọ́n jáde lọ ka àtẹ̀jíṣẹ́, wọ́n padà. Bí fóònù náà ò bá ní àyè tó pọ̀ nínú, bùráwúsà á ti pa ojú ìwé náà, á sì tún un ṣí látìbẹ̀rẹ̀. Pọ́tàlì lè ka ìyẹn sí ìbéèrè tuntun, kóòdù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ò sì ní bá a mu mọ́. Ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ hàn lókè fóònù kí ẹ kà á níbẹ̀ láì jáde, tàbí kí ẹ ṣí pọ́tàlì lórí kọ̀ǹpútà.

Bí ẹ bá máa pè wọ́n

Bí ẹ bá sọ fún òṣìṣẹ́ wọn pé “kóòdù ò dé”, ó máa ní kí ẹ tún gbìyànjú. Ẹ bi í ní ohun tó lè wò. Ẹ ní kó sọ òǹkà méjì tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà tó wà nínú ìwé wọn. Ẹ sọ aago tí ẹ béèrè kóòdù, kí ẹ sì bi í pé èsì wo ni iléeṣẹ́ tó ń bá wọn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ mú wá. Bí ó bá rí i wò, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan ló sábà máa ń wà níbẹ̀. `DELIVRD` túmọ̀ sí pé ó ti dé orí fóònù, torí náà ẹ wo inú ápù yín tàbí ẹni tí nọ́ńbà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. `EXPIRED` túmọ̀ sí pé wọ́n wá fóònù náà títí àkókò fi tán. `UNDELIV` ni pé kò ṣeé gbé dé ibẹ̀. `REJECTD` sì ni pé wọ́n kọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ìyẹn sì di ti àwọn àti iléeṣẹ́ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, kì í ṣe tiyín.

Òṣìṣẹ́ gidi kò ní béèrè kóòdù fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Àsìkò tí èèyàn ń wá kóòdù kiri ni àwọn oníjìbìtì máa ń fẹ́ràn láti pè é, torí wọ́n mọ̀ pé ìpè láti “ọ́fíìsì owó orí” kò ní yà á lẹ́nu.

Nígbà tí ẹ bá ti wọlé, ẹ wo ibi ààbò àkáǹtì bóyá wọ́n gba ápù tó ń ṣẹ̀dá kóòdù. Kóòdù ti ápù kì í rin ìrìn àjò kankan. Pọ́tàlì àti fóònù yín jọ ní àṣírí kan láti ọjọ́ tí ẹ ti so wọ́n pọ̀, àwọn méjèèjì á sì máa fi àṣírí náà àti aago ṣírò kóòdù kan náà, tó sábà ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò mọ `DND`, kò sì bìkítà bí ẹ bá wà lókè òkun. Aago ló lè bà á jẹ́: bí aago fóònù bá fi ìṣẹ́jú mélòó kan yàtọ̀ sí ti pọ́tàlì, kóòdù kankan ò ní tọ̀nà, títí ẹ ó fi jẹ́ kí fóònù máa mú aago rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní àwọn kóòdù àfipamọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ kọ wọ́n sórí bébà, torí ọjọ́ tí fóònù bá sọnù, ápù inú rẹ̀ ti bá a lọ nìyẹn.